Kíkùn, rọ́bà olómi tàbí jẹ́látìn: èwo ni kí ẹ fi sọ ojú ọ̀dọ́ di ojú arúgbó?

Ẹni tó bá ti wo fíìmù Yorùbá àtijọ́ yóò rántí òwú tí wọ́n lẹ̀ mọ́ àgbọ̀n, tí wọ́n ní irùngbọ̀n bàbá ni, àti ẹfun tí wọ́n bù sórí irun dúdú, tí wọ́n ní ewú ni. Àwọn tó ṣe é mọṣẹ́ o. Orí ìtàgé ni iṣẹ́ náà ti wá, òǹwòran sì jókòó lọ́ọ̀ọ́kán. Nígbà tí Dúró Ládiípọ̀ àti ẹgbẹ́ rẹ̀ ń ṣeré ní Mbari Mbayo ní Òṣogbo níbí, èyí tí wọ́n ṣí ní 1962, ẹni tó jókòó sẹ́yìn ò lè rí ìlà tó wà lábẹ́ ojú òṣèré. Ohun tó rí ni irùngbọ̀n funfun, ẹ̀yìn tó tẹ̀ àti ọ̀pá lọ́wọ́. Kámẹ́rà ló da ọ̀rọ̀ rú. Fóònù lásán lóde òní á fẹ́rẹ̀ẹ́ máa ka irun imú èèyàn.

Nítorí náà, kí n tó bi ẹnikẹ́ni pé èló ló ní lọ́wọ́, mo máa ń bi í pé báwo ni kámẹ́rà ṣe máa sún mọ́ ojú yẹn tó. Ìdáhùn rẹ̀ ló máa sọ bóyá ká kun ojú náà, ká fi rọ́bà olómi hun ún jọ, tàbí ká lẹ ẹran àtọwọ́dá mọ́ ọn.

Ẹ jẹ́ ká fi òṣèré kan ṣe àpẹẹrẹ títí dé ìparí. Ọkùnrin ni, ẹni ọdún 34, ojú rẹ̀ yí rogodo, ara rẹ̀ dúdú, ó sì máa ṣe bàbá ẹni ọdún 72. Agboolé kan ní Òkè-Baálẹ̀ ni wọ́n ti fẹ́ yà á. Ìran mẹ́ta ló ní. Nínú ọ̀kan, ó jókòó láàrin àwọn àgbà níbi ìpàdé ẹbí, kámẹ́rà wà lẹ́nu ọ̀nà. Nínú èkejì, ó ń bá ọmọ rẹ̀ sọ̀rọ̀ ní pálọ̀, kámẹ́rà gbà á láti orí dé àyà. Nínú ẹ̀kẹta, ó ń ṣàìsàn lórí ibùsùn, kámẹ́rà sì wà lójú rẹ̀ gan-an.

Bí ojú dúdú ṣe ń gbó

Ohun tí ọ̀pọ̀ èèyàn kọ́kọ́ ń ṣe ni pé wọ́n á mú pẹ́ńsù, wọ́n á bẹ̀rẹ̀ sí í fa ìlà síwájú orí òṣèré. Ìdí ni pé ojú òyìnbó ló pọ̀ jù nínú àwọn àwòrán tí wọ́n fi ń kọ́ni níṣẹ́ yìí, oòrùn sì máa ń tètè fa ìlà wẹ́wẹ́ sójú òyìnbó. Ohun tó mú awọ tiwa dúdú náà ló ń gbèjà rẹ̀ lọ́wọ́ oòrùn, nítorí náà ìlà wẹ́wẹ́ máa ń pẹ́ kó tó yọ lójú wa.

Ohun tó máa ń ṣáájú lójú tiwa ni kí ẹran ojú wọ́ sílẹ̀. Ẹ lọ jókòó sí Ọjà Ọba, kí ẹ wo bàbá kan tó ti lé ní àádọ́rin ọdún dáadáa. Iwájú orí rẹ̀ lè máa dán síbẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ̀bátí rẹ̀ ti wọnú, egungun ẹ̀rẹ̀kẹ́ ti yọ, ẹran abẹ́ ojú ti sọ̀ kalẹ̀. Kòtò tó ti ẹ̀gbẹ́ imú wá sí ẹ̀gbẹ́ ẹnu ti jìn, ẹran ẹ̀rẹ̀kẹ́ ti so rọ̀ sí eteetí àgbọ̀n, iṣan méjì sì ti yọ gbọọrọ lọ́rùn. Ètè ti tín-ín-rín, etí ti gùn nísàlẹ̀.

Lẹ́yìn náà ni kí ẹ wá wo àwọ̀ rẹ̀. Kì í ṣe àwọ̀ kan mọ́. Ó dúdú sí i yí ojú ká àti lẹ́gbẹ̀ẹ́ iwájú orí, ó sì mọ́ díẹ̀ láwọn ibòmíràn. Ọ̀pọ̀ àgbàlagbà wa ló ní àwọn kókó dúdú kéékèèké tó yọ sókè díẹ̀ lórí ẹ̀rẹ̀kẹ́ àti lábẹ́ ojú. Ìyẹn nìkan, tí ẹ bá ṣe é dáadáa, á fi ọdún tó pọ̀ kún ọjọ́ orí òṣèré ju ìlà mẹ́wàá lọ. Òrùka aláwọ̀ eérú tó máa ń yí dúdú ojú arúgbó ká tún wà níbẹ̀, àmọ́ ìyẹn kò ṣeé kùn. Gíláàsì ojú tí wọ́n ń fi lé orí ẹyinjú nìkan ló lè ṣe é, ẹni tó bá mọ̀ nípa ojú ló sì gbọ́dọ̀ fi í sí i. Èmi máa ń fi í sílẹ̀.

Ẹ fi èyí sọ́kàn bá a ṣe ń gbé ọ̀nà mẹ́tẹ̀ẹ̀ta wò: èwo ló lè mú ojú wọ́, èwo ló lè mú un hunjọ, èwo ló kàn ń yí àwọ̀ padà?

Kíkùn

Kíkùn kì í náni lówó púpọ̀, ó yá, ó sì wúlò ju bí àwọn ọmọ iṣẹ́ ṣe rò lọ. Àwọ̀ méjì ni gbogbo rẹ̀ dúró lé: àwọ̀ òkùnkùn àti àwọ̀ ìmọ́lẹ̀. Fún ara dúdú, kí òkùnkùn jẹ́ àwọ̀ igi tó ṣú, tí pupa díẹ̀ wà nínú rẹ̀. Kí ìmọ́lẹ̀ fi ìpele méjì tàbí mẹ́ta mọ́ ju ara òṣèré lọ, kó sì fà sí pupa ràkọ̀ràkọ̀. Ẹ má lo dúdú pátápátá, ẹ má sì lo funfun. Dúdú á dà bí ìdọ̀tí, funfun á sì sọ ojú di eléérú. Ẹni tó bá fẹ́ fi tìróò ṣe òjìji, kó fi í sílẹ̀. Ó ti dúdú jù, òjé sì wà nínú ọ̀pọ̀ tìróò ọjà. Kì í ṣe ohun tó yẹ kó wà lójú èèyàn láti àárọ̀ dalẹ́.

Ẹ má kọ́kọ́ fi páúdà tàbí kírímù mú ojú dọ́gba, torí ojú arúgbó ò dọ́gba. Ẹ ní kí òṣèré rẹ́rìn-ín, kó fajú ro, kó sún ojú jọ. Ibi tí ojú rẹ̀ fúnra rẹ̀ bá ti ká ni ẹ máa sàmì sí, torí ibẹ̀ gan-an ló máa ti ká tó bá darúgbó. Ẹ fi ìka tẹ ẹ̀bátí àti abẹ́ egungun ẹ̀rẹ̀kẹ́ títí ẹ ó fi mọ ibi tí egungun parí sí, kí ẹ wá fi òkùnkùn sí kòtò tó tẹ̀ lé e. Bí ẹ bá dé kòtò ẹ̀gbẹ́ imú, ẹ̀gbẹ́ kan òjìji yẹn gbọ́dọ̀ mú ṣáṣá, ẹ̀gbẹ́ kejì á sì rọra parẹ́ sínú ara. Ẹ fi ìmọ́lẹ̀ sí orí ẹran tó yọ lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ gan-an. Ìlà tí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ méjèèjì mú ṣáṣá máa ń dà bí ìlà pẹ́ńsù, kì í dà bí awọ tó ká.

Ẹ wá mú fóòmù tí ihò rẹ̀ tóbi, kí ẹ fi tẹ àwọ̀ igi oríṣi méjì káàkiri, kí ojú lè ní àbàwọ́n. Pẹ́ńsù ni ẹ ó fi ṣe àwọn kókó dúdú. Ẹ jẹ́ kí wọ́n tóbi jura lọ, ẹ má sì jẹ́ kí wọ́n tò.

Ibi tí kíkùn kù sí ni pé òjìji tí ẹ kùn kì í yí padà. Bí òṣèré bá yí orí, tí ìmọ́lẹ̀ wá gba apá kejì, kòtò gidi á gba ìmọ́lẹ̀, ṣùgbọ́n kòtò tí ẹ kùn á dúdú síbẹ̀. Ẹ tan tọ́ọ̀ṣì fóònù, kí ẹ mú un láti ọ̀tún lọ sí òsì ojú rẹ̀, kí ẹ máa wò ó. Ibi tó bá ti ń tú yín fó lójú yín, ibẹ̀ náà ló máa ti tú yín fó lójú kámẹ́rà. Oòrùn ọ̀sán gangan tó ń ti òkè wá ló burú jù, torí ó ní òjìji tirẹ̀ tó ń dá sójú òṣèré, tó sì ń ta ko tiyín.

Rọ́bà olómi

Omi igi rọ́bà ni, tí wọ́n ń pè ní látẹ́ẹ̀sì. Wọ́n fi amóníà sí i kó má bàa dì, ìdí nìyẹn tó fi ń rùn bí ìtọ̀ tó ti pẹ́. Funfun ni nínú ìgò, ṣùgbọ́n bó bá gbẹ, ẹ máa rí inú rẹ̀ já, á sì pọ́n díẹ̀.

Bó ṣe ń ṣiṣẹ́ ò le láti yé èèyàn. Ẹ fa awọ ojú, ẹ tẹ rọ́bà sí i, ó gbẹ bẹ́ẹ̀. Nígbà tí ẹ bá jọ̀wọ́ awọ náà, á sún padà síbi tó wà tẹ́lẹ̀, rọ́bà á sì bá a hunjọ. Ìhunjọ náà wà níbẹ̀ lóòótọ́. Òjìji rẹ̀ ń yí bí ìmọ́lẹ̀ ṣe ń yí, ó sì ń bá ojú rìn bí òṣèré bá ń sọ̀rọ̀. Kíkùn ò lè ṣe èyí láéláé.

Ṣùgbọ́n àyẹ̀wò ló ṣáájú. Ẹ bi òṣèré bóyá bàlúù tàbí ibọ̀wọ́ rọ́bà ọsibítù máa ń yún un lára. Ẹ kán an díẹ̀ sí kọ̀rọ̀ ìgbọ̀nwọ́ rẹ̀ ní ọjọ́ tó ṣáájú iṣẹ́, kí ẹ sì dúró fún wákàtí 24. Rọ́bà yìí kì í bá ara àwọn kan mu rárá, ó lè mú ọ̀nà ọ̀fun wọn wú. Bí ara rẹ̀ bá pọ́n tàbí tó yún un, ọ̀rọ̀ rọ́bà ti parí fún òṣèré yẹn, ẹ padà sí kíkùn. Kó fá irun ojú rẹ̀ níbi tí rọ́bà máa dé ní alẹ́ ọjọ́ tó ṣáájú, torí amóníà máa ta á lára níbi tí bíléèdì bá ti gé e. Ẹ fi fasilín bo irun òkè ojú àti eteetí irun orí, torí bí rọ́bà bá gbẹ mọ́ irun, irun náà ló máa bá a lọ. Níbi tí rọ́bà máa dé, ẹ má fi òróró tàbí orí kankan síbẹ̀, kò ní lẹ̀.

Òfin fífà kò ju ẹyọ kan lọ: ìlà máa ń dábùú ọ̀nà tí ẹ bá fa awọ gbà. Bí ẹ bá fẹ́ kí ìlà dùbúlẹ̀ lábẹ́ ojú, ẹ fa ẹ̀rẹ̀kẹ́ wá sísàlẹ̀ kí òṣèré máa wo òkè. Bí ẹ bá fẹ́ ìlà òró lórí ètè òkè, kó rẹ́rìn-ín músẹ́, kí ètè lè nà sí ẹ̀gbẹ́. Fún ọrùn, kó gbé orí sẹ́yìn. Fún ẹ̀yìn ọwọ́, kó di ẹ̀ṣẹ́. Ìgbà tó bá la ọwọ́ náà ni ẹ máa rí iṣẹ́ yín. Èèyàn méjì ni iṣẹ́ yìí ń gbà, ọ̀kan á fa awọ, èkejì á máa tẹ rọ́bà.

Fóòmù ni ẹ fi ń tẹ̀ ẹ́, kó fẹ́lẹ́. Ẹ má fi búrọ́ọ̀ṣì fà á. Ẹ fi díráyà tó tutù fẹ́ ẹ, kí ẹ sì fi páúdà sí i nígbà tí awọ ṣì wà ní fífà. Lẹ́yìn páúdà ni ẹ tó lè jọ̀wọ́ rẹ̀. Ibi táwọn tí kò ní sùúrù ti ń kàgbákò nìyí. Rọ́bà tí kò ní páúdà máa ń lẹ̀ mọ́ ara rẹ̀, á dì ní kókó kan, kò sì sí ohun tó lè tú kókó yẹn. Ńṣe ni ẹ máa ṣí i kúrò, kí ẹ tún bẹ̀rẹ̀. Páúdà náà gbọ́dọ̀ jẹ́ aláwọ̀ igi, torí funfun á há sínú rọ́bà, ojú bàbá á sì dà bí ojú ẹni tó ń lọ ẹ̀lùbọ́.

Ìpele méjì tó fún ojú lásán. Ìpele mẹ́ta tàbí mẹ́rin ni fún arúgbó kùjọ́kùjọ́. Bí ẹ bá fẹ́ kó jìn ju ìyẹn lọ, ẹ fi bébà tíṣù, awẹ́ kan péré, sáàárín ìpele méjì. Ọwọ́ ni kí ẹ fi ya eteetí bébà náà, ẹ má fi sáàsì gé e, torí etí tó dọ́gba máa ń hàn.

Ẹ ṣọ́ra fún ohun tí ẹ máa fi kùn ún. Kírímù olóròóró lásán ń sọ rọ́bà di yọ̀rọ̀yọ̀rọ̀, kó tó di ọ̀sán eteetí rẹ̀ á ti máa ká. Ẹ lo èyí tí wọ́n fi òróró láràá pò fún rọ́bà, tàbí èyí tí wọ́n fi ọtí pò. Ní ìrọ̀lẹ́, ohun tó ń bà á jẹ́ yẹn náà ni ẹ máa fi tú u: ẹ fi òróró pa eteetí rẹ̀, kí ẹ fi omi lílọ́wọ́ọ́wọ́ àti ọṣẹ tẹ̀ lé e, kí ẹ sì rọra máa yí i kúrò. Ẹ má fà á já.

Òógùn ni ọ̀tá rẹ̀ lọ́dọ̀ wa. Ó máa ń kó jọ sábẹ́ rọ́bà lórí ètè òkè àti lábẹ́ àgbọ̀n, ẹ máa rí i tó lé bí ìléròrò. Ẹ fi abẹ́rẹ́ mímọ́ dá eteetí ìléròrò yẹn lu láìkan awọ, ẹ fi tíṣù tẹ omi rẹ̀ jáde, kí ẹ tẹ rọ́bà tuntun sí i. Lásìkò òjò, ó máa ń pẹ́ kó tó gbẹ, ẹ ka ìyẹn mọ́ àkókò yín.

Ohun tí rọ́bà ò lè ṣe ni pé kò lè mú ojú wọ́. Tó bá jẹ́ òun nìkan lẹ fi sójú ẹni ọdún 34 tí ojú rẹ̀ yí rogodo, ọ̀dọ́ tí ara rẹ̀ gbẹ lẹ máa rí, kì í ṣe bàbá.

Jẹ́látìn

Èyí ló lè fi ẹran kún ẹran: àpò abẹ́ ojú, ẹran tó so lẹ́bàá àgbọ̀n, etí tó gùn. Ṣíbí jẹ́látìn kan, ṣíbí gílísárìn kan, ṣíbí omi gbígbóná kan. Ẹ gbé abọ́ rẹ̀ sínú omi gbígbóná títí á fi yọ́, ẹ má jẹ́ kó hó. Kí ó tó kan ojú ẹnikẹ́ni, ẹ kán an sí ọrùn ọwọ́ tiyín ná, torí ó máa ń dì mọ́ ara bó bá gbóná, á sì bó èèyàn. Ẹ dà á sínú móòdù tí ẹ ti fi òróró pa, kó dì, kí ẹ wá fi gọ́ọ̀mù ara lẹ̀ ẹ́. Bí eteetí rẹ̀ bá hàn, ẹ ki òwú bọ omi gbígbóná díẹ̀, kí ẹ fi nù ún: jẹ́látìn á yọ́ mọ́ awọ.

Ọ̀rọ̀ kan wà tí ẹ gbọ́dọ̀ bá òṣèré sọ ṣáájú. Egungun àti awọ màlúù tàbí ti ẹlẹ́dẹ̀ ni wọ́n fi ń ṣe jẹ́látìn. Mùsùlùmí pọ̀ nílùú wa, ó sì tọ́ kí wọ́n mọ ohun tí ẹ fẹ́ fi sí wọn lẹ́bàá ẹnu. Ẹ ka ohun tó wà lára páálí, kí ẹ ra èyí tí wọ́n kọ hàláàlì sí.

Àléébù rẹ̀ tóbi: ooru tó ń yọ́ ọ nínú abọ́ yẹn náà ló ń yọ́ ọ lójú. Nínú yàrá tó ní ẹ́síì, á dúró. Nínú àgbàlá ní Òkè-Baálẹ̀ lágogo kan ọ̀sán, àpò ojú bàbá á sọ̀ kalẹ̀ dé ẹ̀rẹ̀kẹ́ kí ìran tó parí. Ojoojúmọ́ lẹ sì máa ṣe tuntun.

Sílíkọ́ọ̀nù ló dára ju gbogbo wọn lọ tí kámẹ́rà bá sún mọ́ ojú, torí ìmọ́lẹ̀ ń wọ inú rẹ̀ díẹ̀ bó ṣe ń wọ inú ẹran ara. Ṣùgbọ́n ẹ gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ ṣe ẹ̀dà orí òṣèré, kí ẹ fi amọ̀ gbẹ́ ojú arúgbó lé e, kí ẹ tó ṣe móòdù, ọjọ́ ìyàwòrán kọ̀ọ̀kan á sì gba èyí tuntun. Fún ìran mẹ́ta, mi ò ní gbà yín níyànjú pé kí ẹ dáwọ́ lé e.

| | Kíkùn | Rọ́bà olómi | Jẹ́látìn |
|---|---|---|---|
| Ohun tó ń ṣe dáadáa | kòtò, àbàwọ́n, kókó dúdú | ìhunjọ tó ń rìn | ẹran tó wọ́, àpò ojú |
| Kámẹ́rà | lọ́ọ̀ọ́kán, tàbí orí dé àyà bí ìmọ́lẹ̀ ò bá yí | títí dé ojú gan-an | títí dé ojú gan-an bí eteetí bá parẹ́ |
| Oòrùn àti òógùn | ó ṣeé tún ṣe kíá | ó máa ń lé níbi òógùn | ó ń yọ́ |
| Ohun tó lè dá a dúró | òjìji tí kì í yí | ara tí kò gba rọ́bà | ooru. Ohun tí wọ́n fi ṣe é |

Irun

Ewú ló ń kọ́kọ́ sọ ọjọ́ orí fún ẹni tó ń wòran, ó sì rọrùn láti bà jẹ́. Ẹfun àti páúdà funfun máa ń dúró lórí irun bí eruku ni, ọwọ́ kan péré tí ẹnìkan bá fi kàn án, ó ti gbọn dànù. Funfun gidi lórí irun dúdú tún máa ń fà sí búlúù lójú kámẹ́rà. Ẹ po àwọ̀ ìyeyè díẹ̀ mọ́ funfun yín, kó dà bí eyín erin. Ẹ fi búrọ́ọ̀ṣì ìfọyín àtijọ́ kó díẹ̀, ẹ nù ún sára tíṣù títí yóò fi fẹ́rẹ̀ẹ́ tán, kí ẹ wá fi gbá irun lòdì sí ọ̀nà tó dọ́jú kọ. Orí irun nìkan ni yóò gbà á, awọ orí á dúdú síbẹ̀. Bí awọ orí bá ti funfun, iṣẹ́ ti bàjẹ́.

Ẹ bẹ̀rẹ̀ láti ẹ̀bátí àti àgbọ̀n. Irun òkè ojú máa ń pẹ́ kó tó hu ewú, nítorí náà ẹ má sọ ọ́ di funfun báláú fún ẹni ọdún 72. Fọ́nrán díẹ̀ tó. Bí bàbá bá máa dé fìlà, ẹ̀bátí àti ìpàkọ́ nìkan ni kí ẹ ṣe. Èyí tí wọ́n fi omi pò máa ń bá òógùn ṣàn wá sí ọrùn, nítorí náà èyí tí wọ́n fi ọtí pò ni mo fẹ́ràn fún ìta gbangba. Fún irùngbọ̀n, èyí tó hù lára òṣèré fúnra rẹ̀ dára ju èyíkéyìí tí ẹ lè lẹ̀ lọ. Ẹ ní kó fi sílẹ̀ láìgé fún ọ̀sẹ̀ díẹ̀, àmọ́ kó fá ẹ̀rẹ̀kẹ́ níbi tí rọ́bà máa dé. Fún ìyá àgbà, irun tí wọ́n fi òwú dì máa gbà yín lọ́wọ́ ọ̀pọ̀ wàhálà, torí iwájú irun nìkan ló kù tí ẹ máa fi ewú sí.

Ká padà sọ́dọ̀ bàbá wa

Fún ìpàdé ẹbí, kíkùn àti ewú tó. Ẹ kun ẹ̀bátí àti abẹ́ ẹ̀rẹ̀kẹ́ jinlẹ̀, kí ojú rogodo yẹn lè tín-ín-rín. Ohun tí kámẹ́rà tó wà lẹ́nu ọ̀nà máa rí nìyẹn.

Fún pálọ̀, ẹ fi rọ́bà ìpele méjì sí abẹ́ ojú, ètè òkè, ọrùn àti ẹ̀yìn ọwọ́ méjèèjì, kí ẹ tó kun gbogbo rẹ̀. Ẹ má gbàgbé ọwọ́. Bàbá tí ojú rẹ̀ gbó tó wá fi ọwọ́ ọmọ ọdún 34 gbé ife omi ni àwọn òǹwòran máa fi ṣẹ̀sín.

Ti ibùsùn ni ọ̀rọ̀ wà nínú rẹ̀. Olùdarí lè sọ pé, "Àǹtí, ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi àpò ojú àti ẹran àgbọ̀n sí i, kó lè rí bí ẹni tó ń ṣàìsàn." Ẹ dá a lóhùn pé, "Ẹ̀gbọ́n, ẹ ní kó kọ́kọ́ dùbúlẹ̀ ná, kí ẹ wo ojú rẹ̀." Bí èèyàn bá fi ẹ̀yìn lélẹ̀, ẹran ojú máa ń ṣubú sápá etí. Àpò abẹ́ ojú á tẹ́, ẹran ẹ̀bá àgbọ̀n á parẹ́. Jẹ́látìn tí ẹ ṣe fún ẹni tó jókòó á wá máa dúró gbọn-ín bí ẹni pé ayé kò fa nǹkan wálẹ̀ mọ́. Níbí, rọ́bà ìpele mẹ́ta yí ojú ká àti sí ẹ̀rẹ̀kẹ́, òkùnkùn tó jìn ní ẹ̀bátí àti yíká ojú, ètè tó gbẹ, ló máa ṣe é. Bí olùdarí bá ṣì fẹ́ kí ẹran so, kí wọ́n fi ìrọ̀rí gbé bàbá dìde díẹ̀.

Nítorí náà, nínú ìran mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, jẹ́látìn ò wọlé rárá. Ká ní pálọ̀ náà ní ẹ́síì, tó sì jẹ́ ọjọ́ kan péré, ǹ bá lò ó fún àpò ojú. Bí wọ́n bá máa ya ti ibùsùn àti ti pálọ̀ ní ọjọ́ kan náà, ti ibùsùn ni kó kọ́kọ́ wáyé láàárọ̀, nígbà tí rọ́bà ṣì tuntun. Ìpàdé ẹbí lè dúró dìgbà tí oòrùn bá rọlẹ̀. Kí ẹ sì ya fọ́tò ojú rẹ̀ níwájú, lọ́tùn-ún àti lósì, kí àwọn kókó dúdú má bàa ṣí kúrò láti ọjọ́ kan sí èkejì.

Tó bá jẹ́ pé ọ̀dọ́ lẹ fẹ́ kó dà

Ọ̀nà ibí yìí kúrú, torí ó rọrùn láti fi kún ojú ju láti yọ kúrò lára rẹ̀ lọ. Tí ẹ bá yọ nǹkan bí ọdún mẹ́wàá kúrò lójú ẹni àádọ́ta ọdún, ẹ ti gbìyànjú. Ẹ kọ́kọ́ bá irun wí: ẹ pa ewú rẹ́, kí ẹ sì fi pẹ́ńsù tàbí páúdà dúdú kún ibi tí irun iwájú ti sá sẹ́yìn, ní fọ́nrán fọ́nrán. Ẹ fá irùngbọ̀n pátá. Bí abẹ́ ojú bá ṣú, ẹ fi àwọ̀ ọsàn pa á rẹ́ kí ẹ tó fi àwọ̀ ara bò ó. Bí ẹ bá fi èyí tó mọ́ nìkan sí i, eléérú ló máa dà. Kòtò ẹ̀gbẹ́ imú ni ẹ máa fi ìmọ́lẹ̀ kún, ní ìsàlẹ̀ kòtò náà gan-an. Bó bá gun orí ẹran tó yọ, kòtò á tún jìn sí i.

Fún obìnrin, gèlè tí wọ́n gbà le, tàbí irun tí wọ́n di mọ́lẹ̀ tó le díẹ̀ ní ẹ̀bátí, máa ń fa ojú sókè ju bí téèpù tí wọ́n ń tà fún un ṣe lè ṣe lọ. Òun náà ló fà á tí mo fi máa ń ní kí ìyá àgbà tú gèlè tirẹ̀ díẹ̀ nínú fíìmù, torí ẹ ò lè fi rọ́bà fa ojú wálẹ̀ kí gèlè tún máa fà á lọ sókè. Ẹ gbé ìmọ́lẹ̀ tó rọ̀ síwájú rẹ̀ gan-an, kò gbọdọ̀ ti ẹ̀gbẹ́ wá. Ọrùn ni kí ẹ fi aṣọ bò. Ọwọ́ kò ṣeé tún ṣe: bí ìran náà bá gbà pé kó na ọwọ́ sí kámẹ́rà, ẹ lọ wá ọwọ́ ẹlòmíràn tó kéré sí i lọ́jọ́ orí, kí ẹ yà á lọ́tọ̀.